Ọ̀rọ̀ mélòó ló lè wọ inú ìṣẹ́jú márùn-ún lórí rédíò? Àkọsílẹ̀ mi ń kọjá àkókò

Ìyá Ìbejì (Kubwa)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní àdúgbò wa gba àyè ìṣẹ́jú 5 lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Àbújá, wọ́n sì yàn mí pé kí n máa ka ọ̀rọ̀ ìlera níbẹ̀ ní èdè Yorùbá. Àrùn yírùnyírùn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ooru ti mú, àsìkò tí ó sì máa ń jà ní apá Àríwá níbí nìyí. Orin ìdánimọ̀ ètò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 30 nínú ìṣẹ́jú 5 náà, nítorí náà ìṣẹ́jú 4 àti ààbọ̀ ni ó kù fún ẹnu mi.

Mo kà á níbì kan pé ọ̀rọ̀ 150 ni ènìyàn ń sọ ní ìṣẹ́jú kan. Mo fi ìṣẹ́jú 4 àti ààbọ̀ sọ 150 di púpọ̀, ó fún mi ní 675, mo sì kọ ọ̀rọ̀ 675 gẹ́lẹ́ bí kọ̀ǹpútà mi ṣe kà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á sókè tí mo ń wo aago inú fóònù, ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 24 ni ó gbà mí. Èyí tí ó wá dà mí láàmú jù ni pé nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ kan náà sí ojú ìwé kan lórí ayélujára tí ó máa ń bá ènìyàn ka ọ̀rọ̀, ó ní ó ju 1,100 lọ. Èwo ni kí n gbàgbọ́, báwo ni mo sì ṣe lè mọ iye tí ó yẹ kí n gé kúrò láìjẹ́ pé mo ń kà á, tí mo ń gé e, tí mo tún ń kà á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú?

Ọmọ Ìlọrin (Gwagwalada)

Màmá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. 150 tí ẹ lò kò ní àṣìṣe rárá, òun ni gbogbo ayé ń lò, òun náà ni a fi ń ṣe ìpolówó ọjà: ìṣẹ́jú-àáyá 30, ọ̀rọ̀ 75. Kíkà yín ni ó falẹ̀. Ẹ yára díẹ̀ sí i, yóò wọlé.

Táíwò (Nyanya)

Ẹ má ṣe gé ohunkóhun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí ẹ ṣí i nínú Audacity, kí ẹ lọ sí Effect, kí ẹ mú Change Tempo. Ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 24 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 324, ẹ̀yin sì ń fẹ́ 270, nítorí náà bí ẹ bá kọ 20 síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdá ọgọ́rùn-ún, yóò bọ́ sí 270 gẹ́ẹ́ láìjẹ́ pé ohùn yín di ti ọmọdé. Iṣẹ́ tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ ni.

Ìyá Ìbejì (Kubwa)

Ẹ ṣé o, Táíwò, ṣùgbọ́n a kì í gba ètò náà sílẹ̀. Inú yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ni mo ti máa ń kà á ní tààrà, ìròyìn ni ó sì ń tẹ̀ lé mi. Bí mo bá ti kọjá àkókò, wọn a kàn pa ohùn mi ni. Ọmọ Ìlọrin, mo gbìyànjú láti yára, ṣùgbọ́n ọkọ mi tí ó jókòó tì mí ní òun kò gbọ́ ibi tí mo ti sọ pé kí àwọn ọmọ má ṣe sùn pọ̀ nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti wọlé, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wà.

Dúpẹ́ (Jọ́ọ̀sì)

Èmi ni mo ń kọ eré fún ìjọ wa ní Jọ́ọ̀sì. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ojú ìwé kan ni ìṣẹ́jú kan, a kì í ka ọ̀rọ̀ rárá. Ojú ìwé mélòó ni tiyín? Bí ó bá ti ju 4 àti ààbọ̀ lọ, ẹ gé e. Èyí tí a ṣe ní Àjíǹde tó kọjá jẹ́ ojú ìwé 20, a sì lò ju ìṣẹ́jú 20 lọ dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn akọrin ni wọ́n fa ìyẹn, àwọn tí a ní kí wọ́n kọ ẹsẹ orin kan tí wọ́n kọ mẹ́ta.

Alàgbà Olóhùn (Kàdúná)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Iṣẹ́ rédíò ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n pa ohùn wọn lórí afẹ́fẹ́ nítorí ọ̀ràn yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Dúpẹ́, òfin ojú ìwé kan sí ìṣẹ́jú kan jẹ́ òfin àwọn tí ń kọ sinimá, ó sì rọ̀ mọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ìwé wọn: lẹ́tà Courier tí ó tóbi tó 12, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré ní àárín ojú ìwé bí òpó tẹ́ẹ́rẹ́, àyè funfun púpọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Níbẹ̀ pàápàá, ìdíwọ̀n gbogbo ìwé lápapọ̀ ni, kì í ṣe ti ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ìwé rédíò tí a tẹ̀ láti etí kan dé èkejì lè gbé ju ọ̀rọ̀ 400 lọ ní ojú ìwé kan, kò sì sí ẹni tí yóò fi ìṣẹ́jú kan kà á kí á gbọ́ ohun tí ó wí.

Ọmọ Ìlọrin, 150 kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Àwọn tí ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì sínú ẹ̀rọ fún títà máa ń wà láàárín 150 sí 160, ẹni tí ó bá sì dúró níwájú àwùjọ tí ó ń ṣàlàyé lè má ju 120 lọ. Ọ̀nà tí a gbà ń kọ Yorùbá sílẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn. Bí mo bá kọ «nígbà tí» gẹ́gẹ́ bí àkọtọ́ òde òní, ọ̀rọ̀ méjì ni. Bí mo bá kọ «nígbàtí» bí àwọn àgbà ṣe ń kọ ọ́, ó di ọ̀kan, ẹnu mi kò sì fi ìṣẹ́jú-àáyá kankan yàtọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe yá iye lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyára ẹnu yín lórí àkọsílẹ̀ tiyín ni kí ẹ wọ̀n.

Ìyá Ìbejì, ẹ ti wọ̀n ọ́n tán láìmọ̀. Ọ̀rọ̀ 675 ní ìṣẹ́jú-àáyá 324 jẹ́ ọ̀rọ̀ 125 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹlòmíràn yóò ní kí ẹ sọ 125 di ìlọ́po 4 àti ààbọ̀, yóò fún yín ní nǹkan bí 562, kí ẹ gé 113 kúrò, kí ẹ sì lọ sùn. Ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ bi yín ní ohun méjì kí a tó fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ náà: ṣé nọ́ńbà fóònù wà nínú rẹ̀, ṣé ibì kan sì wà tí ẹ ti ń dúró fún orin tàbí fún ohùn ẹ̀rọ? Ẹ fi aago wọn àwọn ibẹ̀ nìkan kí ẹ padà wá.

Rẹ̀mí Oníkọ̀ǹpútà (Minna)

Kí àgbà tó padà wá, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti 1,100 yẹn. Ojú ìwé tí ẹ lò kò mọ Yorùbá ni. Nínú Yunikóòdù, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ọ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn lápapọ̀. Àmì ohùn náà máa ń dá dúró gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀ tí a gbé lé orí lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a kọ́ láti rò pé ohunkóhun tí kì í bá ṣe lẹ́tà ni ó ń parí ọ̀rọ̀, nítorí náà bí wọ́n bá ti kan àmì ohùn, wọ́n á gé ọ̀rọ̀ sí méjì. Ẹ gbé «ọ̀rọ̀» nìkan sínú rẹ̀ kí ẹ wò ó: bí ó bá sọ pé ó ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí ó ń fi àlàfo ka ọ̀rọ̀ ni ó yẹ ní lílò, bí ti kọ̀ǹpútà yín. Ẹni tí ó bá ń lo Linux lè kọ:

```
wc -w oro.txt
```

675 ni kí ẹ dì mú.

Ìyá Ìbejì (Kubwa)

Ẹ ṣé gan-an ni, Rẹ̀mí. «Ọ̀rọ̀» nìkan, ó pè é ní méjì! Ọkàn mi balẹ̀ wàyí.

Bàbá Olóhùn, mo ti wọ̀n wọ́n. Nọ́ńbà fóònù ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, mo sì ń kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì lápapọ̀ gba ìṣẹ́jú-àáyá 22. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ohùn agogo kékeré kan ń dún láàárín ìpín kan àti èkejì, ìṣẹ́jú-àáyá 4 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò mọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè, ṣùgbọ́n mo ṣe bí ẹ ṣe wí.

Alàgbà Olóhùn (Kàdúná)

Ẹ ṣeun. Ìdí rẹ̀ nìyí. Kọ̀ǹpútà ka nọ́ńbà fóònù kan sí ọ̀rọ̀ kan, nítorí kò sí àlàfo nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òǹkà 11 ni ó wà nínú rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ rọra pè é kí ẹni tí ń gbọ́ lè kọ ọ́ sílẹ̀. Agogo náà ń gba àkókò láìní ọ̀rọ̀ kankan. Lápapọ̀, 22 àti 12 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 34 tí ọ̀rọ̀ 2 péré dúró fún. Àkókò yìí kò ní dín kù bí ẹ tilẹ̀ gé ìdajì àkọsílẹ̀ náà dànù, nítorí náà kò yẹ kí a pa á pọ̀ mọ́ ìyára ẹnu yín.

Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ọ̀rọ̀ tí ó kù jẹ́ 673, àkókò tí ó kù jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 290. Ẹ pín 673 sí 290, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 60: ìyára yín gan-an jẹ́ ọ̀rọ̀ 139 ní ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe 125. Ìyẹn ni pé ẹ kò falẹ̀ púpọ̀ rárá, Ọmọ Ìlọrin ti fi ẹ̀sùn kan yín lásán.

Nísinsìnyí, ẹ padà sí àyè yín. Nínú ìṣẹ́jú-àáyá 270, ẹ kọ́kọ́ mú 34 tí kì í yẹ̀ kúrò, ó ku 236. Ètò tààrà ni tiyín, nítorí náà ẹ tún fi ìṣẹ́jú-àáyá 6 sílẹ̀ fún ikọ́, fún ojú ìwé tí ó lẹ̀ mọ́ra, àti fún ẹni tí yóò pẹ́ kí ó tó na ọwọ́ sí yín pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ó ku 230. Ní ìyára 139, ìṣẹ́jú-àáyá 230 yóò gba ọ̀rọ̀ 533 tàbí díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ 140 ni ẹ ó gé, kì í ṣe 113.

Ẹ ó rí ìyàtọ̀ rẹ̀ bí ẹ bá dán ti àkọ́kọ́ wò. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ kù sí 562, ọ̀rọ̀ 560 nínú rẹ̀ yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 241 ní ìyára yín, ẹ ó wá fi 34 lé e, ó di 275. Ìṣẹ́jú-àáyá 5 ni ẹ ó fi kọjá, ìparí ọ̀rọ̀ ni yóò sì bọ́ sí, níbi tí nọ́ńbà fóònù wà. Ibi tí ó dùn mí jù lọ nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn: ènìyàn á sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, wọn á wá gé nọ́ńbà tí àwọn ènìyàn yóò pè.

Kọ́lá (Sábó, Kánò)

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Tèmi jọ ọ́, ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ. Ní ọ́fíìsì wa ní Kánò, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìpolówó ìlera ti ìṣẹ́jú-àáyá 60, wọn a wá ní kí èmi ṣe ti Yorùbá, kí ẹlòmíràn ṣe ti Haúsá, kí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 60 náà. Tèmi máa ń gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ nígbà gbogbo, nítorí ohun tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan sọ nípa àìsàn, gbólóhùn odindi ni mo ń fi ṣàlàyé rẹ̀. Wọn a ní kí n yára. Ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo dẹ́kun àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀. Mo máa ń ka tèmi sókè sínú fóònù, mo máa ń fi àkókò rẹ̀ ránṣẹ́, mo sì ń bi wọ́n pé nínú kókó mẹ́rin tí ó wà níbẹ̀, èwo ni kí n yọ. Àwọn tí kò gbà láti fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ máa ń gbà láti fi kókó kan sílẹ̀.

Rẹ̀mí Oníkọ̀ǹpútà (Minna)

Mo gba ti Alàgbà, ṣùgbọ́n mo rò pé kíka ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni kò tọ́ fún Yorùbá. «Ó» jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, «mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún» náà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Irú ìdájọ́ wo nìyẹn? Sílébù ni kí a máa kà. Ó sì rọrùn nínú èdè wa ju nínú Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí gbogbo fáwẹ̀lì tí a kọ sílẹ̀ ni ó dúró fún sílébù kan, a ó kàn fi «ń» àti «n» tí ó dá dúró kún un. Ẹni tí ó bá ka fáwẹ̀lì ti mọ gígùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ dájú.

Alàgbà Olóhùn (Kàdúná)

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ, Rẹ̀mí, n kò sì ní jà ọ́ níyàn lórí ìpolówó ìṣẹ́jú-àáyá 30, níbi tí ọ̀rọ̀ gígùn kan ṣoṣo ti lè da gbogbo ìṣirò rú. Ṣùgbọ́n nínú àkọsílẹ̀ tí ó ju ọ̀rọ̀ 500 lọ, tí ẹnì kan náà kọ lórí ọ̀ràn kan náà, àwọn «ó» àti àwọn ọ̀rọ̀ gígùn máa ń bá ara wọn dọ́gba, iye tí ìwọ àti èmi yóò rí kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àárẹ̀ tí ìyá yìí yóò fi ka fáwẹ̀lì lé ní ẹgbẹ̀rún kan, kí ó fi ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Rẹ̀mí Oníkọ̀ǹpútà (Minna)

Kọ̀ǹpútà ni yóò kà á, Bàbá, kì í ṣe ìka ọwọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́.

Ìyá Ìbejì (Kubwa)

Ó ti yé mi. Ṣùgbọ́n Rẹ̀mí mẹ́nu kan ohun tí ó ń dà mí láàmú nínú àkọsílẹ̀ náà. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí mo kọ báyìí: «Ní ọdún 1996, ènìyàn tí ó lé ní 100,000 ni yírùnyírùn kọlù ní Nàìjíríà.» Ibẹ̀ ni mo máa ń ta kókó ní gbogbo ìgbà. Bí mo bá dé 1996, mo máa ń dúró ṣe ìṣirò nínú orí kí n tó mọ bí mo ṣe máa pè é.

Ọmọ Ìlọrin (Gwagwalada)

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí ṣe ìtánràn, Màmá. Bí ẹ bá pè é ní «ẹgbẹ̀rún kan, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rún, àti mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún», sílébù 18 ni. Òǹkà àwọn bàbá wa ní «ẹgbàá ó dín mẹ́rin», sílébù 7 péré. Bẹ́ẹ̀ náà ni 100,000: «ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún» jẹ́ 9, «ọ̀kẹ́ márùn-ún» jẹ́ 5. Kíkúrú rẹ̀ hàn, ó sì dùn létí.

Kọ́lá (Sábó, Kánò)

Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ta ni yóò yé? Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kánò níbí, bí o bá wí fún wọn pé «ọ̀kẹ́ márùn-ún», wọn a rò pé o ń ka owó ayé àtijọ́. Bí ẹni tí ń gbọ́ bá dúró ṣe ìṣirò, gbólóhùn tí ó tẹ̀ lé e ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èmi yóò yọ ọdún náà kúrò pátápátá, kí n sọ pé «ó lé ní ogún ọdún sẹ́yìn».

Ọmọ Ìlọrin (Gwagwalada)

Bí a kò bá pè é lórí rédíò, níbo ni wọn yóò ti gbọ́ ọ? Àwa ni a ń sọ pé wọn kò mọ̀ ọ́n, àwa náà ni a kò sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Alàgbà Olóhùn (Kàdúná)

Ẹ̀yin méjèèjì kò ní gbà fún ara yín, èmi náà kò sì ní dá a. Ìyá Ìbejì ni ó mọ àwọn tí ń gbọ́ ọ. Ohun tí ó kan ọ̀ràn àkókò ni pé èyíkéyìí tí ó bá yàn, kí ó fi lẹ́tà kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹnu yóò ṣe pè é, kí ó má ṣe fi òǹkà sílẹ̀ nínú ìwé tí a ó kà. Bí ó bá ti kọ ọ́ ní lẹ́tà, kọ̀ǹpútà yóò kà á bí ó ṣe yẹ, ẹnu rẹ̀ kò sì ní dúró ṣe ìṣirò lórí afẹ́fẹ́. Ìdákẹ́ láti ṣe ìṣirò yẹn wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá 324 tí ó wọ̀n, nítorí náà 139 tí a rí lè ga díẹ̀ sí i bí ó bá tún un wọ̀n lẹ́yìn àtúnṣe. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, yóò kàn fún un ní àyè díẹ̀ ni.

Dúpẹ́ (Jọ́ọ̀sì)

Níbo ni kí ó ti gé 140 gan-an? Èmi mọ̀ pé nígbà tí wọ́n bá ní kí n gé eré, ìparí ni mo máa ń gé, nítorí ibẹ̀ ni mo dé tí àárẹ̀ ti mú mi.

Ìyá Ìbejì (Kubwa)

Ìbéèrè mi nìyẹn náà. Ẹ wo gbólóhùn kan nínú àárín: «Ó ṣe pàtàkì púpọ̀ fún gbogbo àwa òbí pátá láti máa ṣe àkíyèsí àwọn ọmọ wa dáadáa ní gbogbo ìgbà, nítorí pé bí ọrùn ọmọ bá le tí kò sì lè tẹ orí rẹ̀ ba kan àyà, ó yẹ kí a tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìfi àkókò ṣòfò rárá.» N kò rí ohun tí mo lè yọ níbẹ̀, nítorí òun ni ó ń kìlọ̀.

Kọ́lá (Sábó, Kánò)

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ 52 nìyẹn. Ẹ wo èyí: «Bí ọrùn ọmọ bá le tí kò sì lè tẹ orí ba kan àyà, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.» Ó di 22. Àmì àìsàn wà níbẹ̀, ohun tí wọn yóò ṣe wà níbẹ̀. Ní ìyára yín, ọ̀rọ̀ 30 tí ó lọ yẹn jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 13. Gbólóhùn mẹ́rin bẹ́ẹ̀ péré, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Ẹ lọ wá gbogbo ibi tí ẹ ti kọ «ó ṣe pàtàkì», «ó yẹ kí a», «ní gbogbo ìgbà». Èmi kò tíì rí àkọsílẹ̀ ìlera tí kò kún fún wọn, tèmi náà.

Alàgbà Olóhùn (Kàdúná)

Kọ́lá ṣe é dáadáa. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un. Ẹ má ṣe gé nínú ìpín tí ó gbẹ̀yìn, kí ẹ sì ya ìpín kan sọ́tọ̀ nítòsí ìparí tí ẹ lè fò bí ó bá di dandan, bí irú ibi tí ẹ ti dárúkọ ọdún 1996 yẹn. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ń dán an kà nílé, ẹ kọ àkókò sí etí ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpín kọ̀ọ̀kan: mo gbọ́dọ̀ dé ibí ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 10, mo gbọ́dọ̀ dé ibí ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20. Nígbà tí ẹ bá wà lórí afẹ́fẹ́ tí ẹ gbé ojú sókè wo aago, ẹ ó ti mọ̀ kí ẹ tó dé ìparí bóyá kí ẹ fo ìpín náà. Kí ẹ sì máa kà á sókè pẹ̀lú ohùn tí ẹ ó lò níbẹ̀. Ẹni tí ó fi ojú kà tàbí tí ó ń kùn ún lẹ́nu yóò yára ju ara rẹ̀ lọ.

Táíwò (Nyanya)

Mo gbà pé n kò ka ìbéèrè yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó bá gba ohùn sílẹ̀, ṣé 20 tí mo sọ ti pọ̀ jù?

Alàgbà Olóhùn (Kàdúná)

Ó ti pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ ìdá 3 tàbí 4 nínú ọgọ́rùn-ún, etí kì í fura. Ní 20, àwọn «ń» àti «ì» kéékèèké tí ń gbé ìtumọ̀ á máa wọ inú ara wọn, bí a kò tilẹ̀ yí ìró ohùn padà.

Ìyá Ìbejì (Kubwa)

Mo ti gé e, ó ku 538. Mo fi lẹ́tà kọ gbogbo òǹkà (mo pè é ní «ó lé ní ogún ọdún», Ọmọ Ìlọrin, ẹ má bínú), mo sì kà á sókè: ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 23, pẹ̀lú nọ́ńbà àti agogo. Ìṣòro kan ni ó kù. Nígbà tí mo bá rìnrìn àjò, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ ni yóò máa kà á, ẹnu rẹ̀ sì yá púpọ̀. Ṣé kí n kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni?

Alàgbà Olóhùn (Kàdúná)

Ẹ jẹ́ kí òun náà ka ìpín kan sókè kí ẹ wọ̀n ọ́n, nítorí ẹni tí ń kà ni ó ni ìyára, kì í ṣe ìwé. Ká ní ó jẹ́ 155: ọ̀rọ̀ 536 yóò gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 207, pẹ̀lú 34 ó di 241, yóò sì ku nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 29 tí kò sí ohun tí yóò fi dí i. Ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò burú ju kíkọjá àkókò lọ. Ẹ má ṣe kọ òmíràn, ẹ kọ ìpín àfikún kan tí ó tó ọ̀rọ̀ 60 sí ìwé ọ̀tọ̀, nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára bóyá, kí ó fi há àárín. Ìṣẹ́jú-àáyá 23 ni yóò gbà á.

Kọ́lá (Sábó, Kánò)

Tàbí kí ó ka nọ́ńbà fóònù náà lẹ́ẹ̀kẹta. Ìṣẹ́jú-àáyá 11 nìyẹn, ó sì wúlò ju ìpín tuntun lọ.

Alàgbà Olóhùn (Kàdúná)

Ìyẹn náà dára, bí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò bá gbà á. Àwọn kan lè ka àtúnkà nọ́ńbà sí ìpolówó, kí wọ́n sì ní kí ẹ san owó rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ó tó wọlé.